Eruku Inú Kọfí

Ẹni tó bá ti dúró lẹ́nu ẹ̀rọ ata rí mọ irin pẹlẹbẹ méjì tó dojú kọ ara wọn: ọ̀kan ò kúrò lójú kan, èkejì ń yí. Bí ẹni tó ń lọ̀ ọ́ bá fún un, àyè àárín wọn á dín, ata á kúnná. Irú irin bẹ́ẹ̀ náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kọfí. Kóró á gba àárín wọlé, yíyí irin á sì máa tì í síta títí á fi já létí. Oríṣi kejì ni mo ń pè ní olókòtó, nítorí ó rí bí òkòtó tí wọ́n gbé ìdí rẹ̀ kalẹ̀, òrùka eléyín yí i ká, kóró á sì máa já sílẹ̀ láàárín wọn.

Kóró kọfí tí wọ́n ti yan kì í gé, ńṣe ló ń fọ́ bí àwo. Kò sí irin náà, bó ti wù kó wọ́n tó, tí kì í mú eruku jáde pẹ̀lú èyí tí a fẹ́. Ṣùgbọ́n olókòtó sábà máa ń fọ́n ìwọ̀n ká ju pẹlẹbẹ lọ: eruku rẹ̀ pọ̀, wóróbo ńlá náà ò gbẹ́yìn. Kíákíá ni eruku ń tú gbogbo ara rẹ̀ sómi, títí kan kíkorò. Wóróbo ńlá kì í tú tán, ìkan rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jáde.

Mo fi kọfí Yirgacheffe ti Etiópíà dán an wò, èyí tí wọn ò yan dúdú: gíráàmù 15 sí omi gíráàmù 250, mo fi bébà sẹ́ ẹ. Ti olókòtó gba ìṣẹ́jú mẹ́ta àbọ̀ kí omi tó ro tán, torí eruku dí ojú bébà. Ó ki lẹ́nu, ó dùn mọ́ni, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ pò pọ̀. Ti pẹlẹbẹ ò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó fúyẹ́ bíi tíì, òórùn òdòdó àti ọsàn wẹ́wẹ́ sì yàtọ̀ síra kedere. Ká sòótọ́, mo rẹ́ olókòtó jẹ níbẹ̀. Nígbà tí mo lọ̀ ọ́ ríro díẹ̀ tí àkókò wọn fi dọ́gba, ìyàtọ̀ náà dín kù gan-an, kò kàn parẹ́ ni.

Ẹ̀sípírẹ́sò ni eruku ti níyì. Agbára ńlá ló ń ti omi gba inú rẹ̀, eruku ló ń dá a dúró. Nígbà tí Matt Perger ará Ọsirélíà gbé EK43, ẹ̀rọ onípẹlẹbẹ, lọ sí ìdíje àwọn apokọfí lágbàáyé ní Melbourne lọ́dún 2013, ó ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu.

Àmọ́ pẹlẹbẹ tó bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan burú ju olókòtó lọ, torí àyè rẹ̀ gbòòrò níhìn-ín, ó há lọ́hùn-ún. Yọ iná rẹ̀, fi máákà tó ṣeé fọ̀ kun etí irin, fún un títí yóò fi ha díẹ̀, kó o fọwọ́ yí i. Bí yíǹkì bá parẹ́ lápá kan ṣoṣo, ó ti wọ́ nìyẹn. Ibi tí yíǹkì kù sí ni wàá fi ègé fọ́ìlì kan tì lábẹ́.