Ṣé o mọ̀? Ihò HDMI kò dọ́gba

Ihò HDMI mẹ́rin ló wà lára tẹlifíṣọ̀n Samsung Q80T onínṣì 55 ti ọdún 2020, ṣùgbọ́n HDMI 4 nìkan ló lè gba àwòrán 4K ní ìgbà 120 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan láti ara PS5. Ní 4K, àwọn yòókù kì í kọjá 60.

Ní Bódìjà àti Agbowó, ihò tí ọwọ́ bá kọ́kọ́ bà ni wọ́n ń ki dìkódà DStv sí, bẹ́ẹ̀ ihò èyíkéyìí ló tó o. Bí dìkódà bá wà ní HDMI 4, yọ ọ́ kúrò, kí o fi PS5 síbẹ̀ pẹ̀lú okùn tó bá a wá nínú páálí. Tan `Input Signal Plus` fún ihò náà. Bí ó bá wà ní pípa, ihò náà kò ní sàn ju àwọn tó kù lọ.

Lórí PS5, ṣí `Settings`, `Screen and Video`, `Video Output`, kí o wo `Video Output Information`. Bí o bá rí 60Hz níbẹ̀, má tíì bínú: géèmù tó bá mọ 120 nìkan ló ń gbé e dé 120.

Bí o bá fẹ́ ra tẹlifíṣọ̀n ní Dùgbẹ̀ tàbí Challenge, yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò kí o tó sanwó: lára ọ̀pọ̀ èyí tó lè gba 4K ní 120, a máa ń kọ 4K 120Hz sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tó yẹ.