Ìwé Ìpín Owó fún Nọ́ọ̀sì Tó Ń Lọ sí Ìlú Ọba

Bí nọ́ọ̀sì bá ti gba físà tán, owó tó fi pamọ́ á di ọ̀rọ̀ gbogbo ẹbí. Ẹ̀gbọ́n kan á ní kó kó gbogbo rẹ̀ dání, pé òtútù Ìlú Ọba kì í ṣàánú ẹni tí kò lówó lọ́wọ́. Òmíràn á ní kó fi ra ilẹ̀ kó tó lọ. Ìyá rẹ̀ lè má sọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ gbogbo ilé ló mọ̀ pé owó ilé tí màmá ń gbé máa tó pé. Ìwé ló lè yanjú irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ojú ewé kan ti tó. Kó kọ gbogbo ohun tó máa náwó lé lórí láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ sílẹ̀, kó kọ bóyá pọ́n-ùn ni yóò fi san án tàbí náírà, ọjọ́ tí yóò san án, àti ẹni tó láṣẹ láti fọwọ́ kan owó náà.

Ìdajì síbí, ìdajì sọ́hùn-ún tí àwọn èèyàn fẹ́ràn kò wúlò níbí. Ìnáwó tí a ó fi pọ́n-ùn san, kí owó rẹ̀ ti di pọ́n-ùn kó tó wọ bàálù. Èyí tí a ó fi náírà san, kó dúró ní náírà. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2023. Kí Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa tó tú okùn lọ́rùn náírà ní oṣù kẹfà ọdún náà, nǹkan bí ₦460 ni wọ́n ń ka dọ́là kan sí ní báńkì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ owó lójú pópó. Nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, báńkì pàápàá ti kọjá ₦1,500. Ẹni tó bá ń fi náírà dúró de físà láàárín ìgbà yẹn, owó rẹ̀ joyò lójú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ pé owó ilé ìyá rẹ̀ ló fi tiẹ̀ pamọ́ fún, iye náírà tí onílé dá lé e náà ló san. Bó bá yí irú owó bẹ́ẹ̀ sí pọ́n-ùn, tó tún yí i padà, ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn tó ń ṣẹ́ owó yóò jèrè lórí rẹ̀.

Àlọ owó àti àbọ̀ rẹ̀ kò sì rí bákan náà. Láti Ìlú Ọba sí Ìbàdàn, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni lórí fóònù. Láti Ìbàdàn sí Ìlú Ọba, iṣẹ́ ńlá ni fún ẹni tó ti lọ. Ẹni tó fẹ́ rìnrìn-àjò, tí físà àti tíkẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ni báńkì máa ń ta owó ìrìn-àjò fún. Ní ti káàdì náírà, ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ nílẹ̀ òkèèrè, ìgbà kan sì wà lẹ́yìn ọdún 2022 tí ọ̀pọ̀ báńkì wa ní kó má ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rárá. Nítorí náà, lójú tèmi, owó tí iyèméjì bá wà lórí rẹ̀, òkè òkun ni kó lọ. Ohun tó bá ní orúkọ tó sì ní ọjọ́ nìkan ni kí a fi owó sílẹ̀ fún nílé.

Ká wá fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Nọ́ọ̀sì kan wà ní Ìbàdàn, ọmọ ọdún 27, tí ilé ìwòsàn ìjọba kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà síṣẹ́. Ọ̀rọ̀ físà àti tíkẹ́ẹ̀tì ti parí. Ohun tó kù sí i lọ́wọ́, pẹ̀lú èésú tó kó, jẹ́ ₦8,500,000. Ká ka pọ́n-ùn kan sí ₦2,000 kí ìṣirò lè rọrùn. Iye tó bá ń lọ lọ́jọ́ tí tiyín bá yá ni kí ẹ fi dípò rẹ̀.

Ilé ló máa kọ́kọ́ gba owó. Ká ní yàrá kan nínú ilé àjùmọ̀gbé jẹ́ £550 lóṣù. Òfin kan tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2019 kò jẹ́ kí onílé irú ilé bẹ́ẹ̀ gba owó ìdógò tó ju owó ilé ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ. Owó ọdún kan tí a pín sí ọ̀sẹ̀ 52 fún wa ní £127 lọ́sẹ̀, ìdógò ọ̀sẹ̀ márùn-ún sì jẹ́ nǹkan bí £635. Bí a bá fi oṣù àkọ́kọ́ kún un, £1,185 ni yóò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó gba kọ́kọ́rọ́. Ẹ jẹ́ kó kọ £550 ti oṣù kejì sílẹ̀ pẹ̀lú, torí pé owó oṣù kì í yára dé. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ń sanwó níbẹ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti pa ìwé owó oṣù dé, ó di òpin oṣù tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méje lè kọjá láìgba kọ́bọ̀. Oúnjẹ àti ọkọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ní £75 lọ́sẹ̀, jẹ́ £600. Kóòtù òtútù, bàtà, aṣọ ìbora àti ìkòkò, £200.

Ó wá ku ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kì í fẹ́ kọ sílẹ̀, ìdánwò OSCE. Ó gbọ́dọ̀ jókòó ṣe é láàárín oṣù mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. £794 ni wọ́n ń gbà, ilé ìwòsàn tó gbà á síṣẹ́ ló sì sábà máa ń san ti àkọ́kọ́. Ibùdó mẹ́wàá ni wọ́n ti ń dán èèyàn wò. Ẹni tó bá fìdí rẹmi ní méje tàbí kó dín, £397 ni yóò fi tún un ṣe, ọ̀pọ̀ ló sì ń san èyí láti àpò ara wọn. Títí yóò fi yege tí yóò fi gba nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀, ìpele tó rẹlẹ̀ ju ti nọ́ọ̀sì ni wọ́n sábà máa ń san fún un. £31,049 lọ́dún tó jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìpele karùn-ún nínú ètò owó oṣù ọdún 2025 sí 2026, ìyẹn £2,587 lóṣù kí wọ́n tó yọ owó orí àti ti ìfẹ̀yìntì, ó ṣì ń bọ̀ níwájú. Kó má ṣe fi owó tí kò tíì dé ọwọ́ ṣe ìṣirò. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, £2,932 ni. Ká pè é ní £3,000, ìyẹn ₦6,000,000. Bí ilé ìwòsàn bá fún un ní ibùgbé ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kó má ṣe yí iye yìí padà, torí wọ́n lè máa gé e lára owó oṣù.

Àkáǹtì dọ̀mù ni kó fi pọ́n-ùn náà sí, kó gba káàdì rẹ̀, kó sì mú bíi £500 dání lówó ọwọ́. Àkáǹtì báńkì lọ́hùn-ún lè pẹ́ kó tó ṣí, nítorí pé wọ́n máa bi í léèrè ibi tó ń gbé.

Ó ku ₦2,500,000 fún ilé. Gbèsè ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni kí ó kọ́kọ́ mú. Ká ní ₦700,000 ló kù níbẹ̀. Àwọn méjì tó bá a fọwọ́ sí ìwé, wọ́ọ̀dù kan náà ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Bó bá lọ láìsan án tán, owó oṣù àwọn oníduro yìí ni ẹgbẹ́ yóò máa gé, wọn kò sì ní rí ẹni tí wọ́n máa dì mú ju ìyá rẹ̀ lọ. Kó san án tán kó tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, kó gba ìwé pé òun kò jẹ gbèsè mọ́, kó sì fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Èésú tó ti kó ṣáájú tún ku ìdá mẹ́fà, ₦50,000 lóṣù. ₦300,000 nìyẹn. Kó má ṣe kó gbogbo rẹ̀ lé olórí èésú lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, kó jẹ́ kí báńkì máa san án lóṣooṣù.

Ìnáwó tó kù ti ní ọjọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ àbúrò rẹ̀, ₦250,000 ní oṣù kẹrin. Owó ilé màmá, ₦400,000 ní oṣù karùn-ún. Báńkì lè bá a fi méjèèjì ra tírẹ́ṣọ́rì bíìlì ọjọ́ 91, ìyẹn owó tí a yá ìjọba. Yóò ti pé kí ọjọ́ wọn tó pé, èlé díẹ̀ á sì wà lórí rẹ̀. Owó ọbẹ̀ màmá, ₦60,000 lóṣù fún oṣù mẹ́fà, jẹ́ ₦360,000. Ohun tó ṣẹ́ kù, ₦490,000, ti pàjáwìrì ni. Kó sì kọ ohun tí pàjáwìrì jẹ́ síwájú rẹ̀: àìsàn tó gbé èèyàn dé ilé ìwòsàn, tàbí ìsìnkú ẹni tó sún mọ́ wọn gan-an. Ayẹyẹ ọjọ́ ìbí kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òkòwò tuntun ẹ̀gbọ́n.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn fi káàdì àti nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ sílẹ̀ fún àbúrò pé kó máa bá òun ṣe é. Àbúrò náà lè jẹ́ olóòótọ́, kí ebi ilé sì ká a mọ́. Àṣẹ ìsanwó oṣooṣù tó fún báńkì kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ tọ́jú líìnì fóònù tí BVN rẹ̀ wà lórí rẹ̀, torí ibẹ̀ ni nọ́ńbà tí báńkì fi ń dá èèyàn mọ̀ ń wọlé sí. Líìnì tí ẹnikẹ́ni kò lò fún ọjọ́ 180, iléeṣẹ́ fóònù lè pa á, wọ́n sì lè gbé nọ́ńbà náà fún ẹlòmíràn lẹ́yìn náà. Kó ṣí i kó lè ṣiṣẹ́ ní òkèèrè kó tó lọ, kó sì máa fi pe màmá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ti owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ní Nàìjíríà, kó má kà á mọ́ owó ọwọ́. Kó fi í sílẹ̀ níbi tó wà.

Báwo ni yóò ṣe mọ̀ bí ìpín náà bá ń wó? Bí ó bá di ọ̀sẹ̀ kẹjọ, tí ohun tó kù nínú pọ́n-ùn rẹ̀ kò tó owó ilé oṣù kan, tí owó oṣù kò sì tíì dé, ìgbà yẹn ni kó lọ bá ọ̀gá tó gbà á síṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn lè san díẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tuntun ṣáájú owó oṣù, bí ó bá béèrè. Bí ó bá jẹ́ pé owó pàjáwìrì ni wọ́n ń fi ra ọbẹ̀ nílé, ₦60,000 yẹn ló kéré. Kó kọ iye tuntun, kó má sì ṣe yọ ọ́ nínú owó ìdánwò.

Ìlà kan ṣì kù tó gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ìwé náà. Ọ̀pọ̀ àdéhùn iṣẹ́ ló sọ pé ẹni tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀ kó tó pé àkókò kan yóò dá owó tí wọ́n ná lé e lórí padà. Kó ka ojú ewé yẹn dáadáa kó tó fọwọ́ sí i, kó kọ iye náà ní pọ́n-ùn, kó sì kọ ọjọ́ tí yóò bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Kí ọjọ́ yẹn tó pé, gbèsè ló jẹ́, àfi bíi ti alájẹṣẹ́kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò tíì wá béèrè rẹ̀.