Ọjà àwìn: Bí iléeṣẹ́ ṣe ń ṣírò gbèsè tó ṣeé ṣe kó má padà wálé

Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ló máa ń kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù wọn pé 'Kò sí àwìn lónìí, ó di ọ̀la', síbẹ̀ àwìn náà ni wọ́n ń tà. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fáwọn iléeṣẹ́ ńláńlá tó ń ta sìmẹ́ńtì, ìyẹ̀fun, oògùn àti ajílẹ̀. Wọ́n á kó ọjà fún oníbàárà, wọ́n á sì fún un lóṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó sanwó. Ọjọ́ tí ọjà bá ti dé ọwọ́ oníbàárà ni wọ́n ti máa ń ka èrè rẹ̀ mọ́ èrè ọdún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ́bọ̀ kan kò tíì wọlé.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti kan àwọn àgbàlagbà tó ra ìpín ìdókòwò, ìyẹn ṣíà, nínú irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí àwọn aláṣẹ iléeṣẹ́ bá ka gbogbo gbèsè tó wà níta sí owó tó dájú, èrè orí ìwé á pọ̀, wọ́n sì lè pín nínú rẹ̀ fáwọn onípìn-ín. Tó bá wá yá, tí àwọn onígbèsè kò san, owó tí wọ́n ti pín yẹn ti jáde kúrò nínú òwò náà nìyẹn. Ìdí rèé tí òfin ìṣirò owó fi ní kí wọ́n yọ iye tó ṣeé ṣe kó sọnù kúrò lára gbèsè náà.

Tẹ́lẹ̀, ńṣe ni wọ́n máa ń dúró títí àmì kan á fi hàn, bóyá kí òwò oníbàárà dẹnu kọlẹ̀ tàbí kó yẹ àdéhùn, kí wọ́n tó yọ ohunkóhun. Nígbà tí wàhálà ọrọ̀ ajé àgbáyé dé ní 2008, àwọn èèyàn rí i pé ó máa ń pẹ́ jù kí àdánù tó hàn nínú ìwé. Ní oṣù Keje ọdún 2014, ìgbìmọ̀ àgbáyé tó ń ṣòfin ìṣirò owó gbé òfin tuntun jáde, èyí tí wọ́n pè ní IFRS 9. Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2018 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohun tó sọ ni pé láti ìgbà tí gbèsè ọjà bá ti wà nínú ìwé ni kí wọ́n ti ṣírò iye tí wọ́n retí pé ó lè sọnù nínú rẹ̀, kí wọ́n má dúró de àmì kankan. Àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké tó ń lo òfin tiwọn nìkan ló ṣì lè dúró de àmì lórí gbèsè ọjà.

Ká mú iléeṣẹ́ kan tó ń ta ajílẹ̀ fáwọn alágbàtà bí àpẹẹrẹ. Ẹ̀yìn ni akáwùǹtáǹtì ibẹ̀ á kọ́kọ́ wò. Ó rí i pé lọ́dún kan tó ti kọjá, ọjà àwìn 20,000,000 náírà ni wọ́n tà, àti pé 400,000 náírà nínú rẹ̀ ni kò wọlé títí dòní. Ìdá 2 nínú 100 nìyẹn jẹ́. Iye yìí ló máa lò fún gbèsè tí ọjọ́ ìsanwó rẹ̀ kò tíì pé.

Ṣùgbọ́n bí gbèsè bá ṣe ń pẹ́ sí i ni ewu rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Nínú 20,000,000 yẹn, 8,000,000 ló ṣì wà níta nígbà tí ọjọ́ ìsanwó kọjá. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé inú rẹ̀ ni 400,000 tó sọnù wà, ó di ìdá 5 nínú 100. Lẹ́yìn 30 ọjọ́, 4,000,000 ló kù, ó di ìdá 10. Lẹ́yìn 60 ọjọ́, 1,600,000 ló kù, ó di ìdá 25. Nígbà tó fi máa kọjá 90 ọjọ́, 800,000 péré ló kù níta, ìdajì rẹ̀ ló sì wọgbó.

Àwọn ìdá wọ̀nyí ni akáwùǹtáǹtì náà á wá lò fún gbèsè tó wà níta ní òpin ọdún yìí. Gbèsè tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé jẹ́ 2,000,000, ó yọ 40,000. Èyí tó ti kọjá ọjọ́ ṣùgbọ́n tí kò tíì ju 30 ọjọ́ lọ jẹ́ 1,000,000, ó yọ 50,000. Èyí tó wà láàárín 31 sí 60 ọjọ́ jẹ́ 600,000, ó yọ 60,000. Èyí tó wà láàárín 61 sí 90 ọjọ́ jẹ́ 400,000, ó yọ 100,000. Èyí tó ti ju 90 ọjọ́ lọ jẹ́ 200,000, ó yọ 100,000. Àpapọ̀ gbèsè jẹ́ 4,200,000 náírà. Àpapọ̀ ohun tó yọ jẹ́ 350,000.

Iṣẹ́ kò parí síbẹ̀, nítorí òfin ní kí wọ́n wo iwájú pẹ̀lú. Iléeṣẹ́ tó fi ìtàn 2021 àti 2022 nìkan ṣírò ní Nàìjíríà kò lè mọ ohun tí yíyọ owó ìrànwọ́ orí epo àti ìdíwọ́lẹ̀ náírà ní 2023 máa fojú àwọn oníbàárà rẹ̀ rí. Bí òjò kò bá rọ̀ dáadáa lọ́dún yìí, àwọn àgbẹ̀ kò ní í rówó san fáwọn alágbàtà. Ká ní akáwùǹtáǹtì náà torí èyí fi ìdá kan nínú mẹ́rin lé e, 350,000 á di 437,500 náírà.

Tó bá jẹ́ pé 300,000 ló ti wà nílẹ̀ láti ọdún tó kọjá, 137,500 péré ni wọ́n á yọ nínú èrè ọdún yìí. Kì í ṣe owó tí wọ́n kó sínú báńkì, kò sì túmọ̀ sí pé wọ́n ti dárí gbèsè ji ẹnikẹ́ni. Wọ́n ṣì máa lépa gbogbo 4,200,000 náà. Bí alágbàtà kan tó jẹ 120,000 bá sá lọ, tí kò sí ọ̀nà láti gbà á mọ́, inú iye tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ ni wọ́n á ti yọ ọ́. Bí òní ṣe rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú babaláwo dífá ọrọọrún. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ tún ìṣirò náà ṣe nígbàkigbà tí wọ́n bá ń gbé ìwé owó jáde.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi ìṣirò yìí tanni jẹ kò ṣòro. Àwọn kan á fagi lé ìwé owó ọjà tó ti pẹ́, wọ́n á tún un kọ bíi gbèsè tuntun, kí ìdá 50 lè di ìdá 2. Àwọn mìíràn á da iléeṣẹ́ ìjọba, báńkì àti alágbàtà oko pọ̀ mọ́ra, nígbà tó jẹ́ pé bí kálukú wọn ṣe ń sanwó kò dọ́gba. Ohun tó máa ń tú àṣírí ni owó tó wọlé lẹ́yìn òpin ọdún. Bí gbèsè tí wọ́n pè ní tuntun bá fi oṣù mẹ́ta wà níta láìsí kọ́bọ̀ kan, àwọn tó ń yẹ ìwé owó wò á bi wọ́n léèrè ọjọ́ tí ọjà náà jáde gan-an.

Ẹni tó bá gba ìwé ìṣirò ọdọọdún lè wá ibi tí wọ́n ti to gbèsè ọjà ní ọjọ́-ọjọ́, kó fi tọdún yìí wé tọdún tó kọjá. Bí èyí tó ti ju 90 ọjọ́ lọ bá ti pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n tí iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ kò kúrò lójú kan, ìbéèrè tó yẹ kó bi àwọn aláṣẹ ní ìpàdé ọdọọdún nìyẹn, kí wọ́n tó fọwọ́ sí èrè tí wọ́n fẹ́ pín.