Tókìnì Tó Ń Kú Lẹ́yìn Wákàtí Méjì

Ká ní ẹnìkan kọ ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan tí yóò máa gbé òwe Yorùbá kan jáde lórí X láago méje àárọ̀ ojoojúmọ́. Ó dán an wò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, òwe náà sì jáde wẹ́rẹ́. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òwe kankan kò jáde. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló wà nínú fáìlì tí ètò náà ń kọ ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ sí: 401. Kò sì sí lẹ́tà kan tí ẹnikẹ́ni yí padà nínú ètò náà láti àná.

Ohun tí 401 ń sọ ni pé X kò dá ètò náà mọ̀ mọ́. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í lo ọ̀rọ̀ìgbaniwọlé ẹni tó ni àkáǹtì. Olóhun ló máa ń fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan lójú ìwé X pé ètò yìí lè máa kọ̀wé lórúkọ òun, X yóò sì fún ètò náà ní tókìnì ìwọlé, ìyẹn ọ̀wọ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà gígùn kan tó gbọ́dọ̀ bá gbogbo iṣẹ́ tí ètò náà bá rán lọ. Ó dà bí ọ̀pá àṣẹ tí emèsè ọba ń gbé lọ sí ìlú mìíràn. Ọ̀pá ni àwọn ará ibẹ̀ ń wò, wọn kì í wádìí ilé ẹni tó gbé e. Bí olè bá gba ọ̀pá náà lọ́nà, olè ti di emèsè nìyẹn.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí Facebook ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018. Àwọn ọ̀daràn rí àléébù kan lára "View As", bọ́tìnnì tí èèyàn fi ń wo bí ojú ìwé rẹ̀ ṣe rí lójú ẹlòmíràn, wọ́n sì gba ibẹ̀ kó tókìnì àwọn èèyàn lọ. Mílíọ̀nù 50 àkáǹtì ni ilé-iṣẹ́ náà kọ́kọ́ kéde. Nígbà tó yá, ó ní mílíọ̀nù 30 ni wọ́n jí tókìnì wọn lóòótọ́. Wọn kò nílò ọ̀rọ̀ìgbaniwọlé ẹyọ ẹnìkan. Facebook pa tókìnì mílíọ̀nù 50 náà rẹ́, ó sì fi mílíọ̀nù 40 mìíràn kún un nítorí ìfura. Ìdí nìyí tí nǹkan bí mílíọ̀nù 90 èèyàn fi ní láti tún àkáǹtì wọn ṣí.

Facebook rí olè tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹnikẹ́ni kì í rí i. Ẹnìkan lè gbé ètò rẹ̀ sórí GitHub kí gbogbo ayé lè wò ó, kó sì gbàgbé tókìnì sínú rẹ̀. Tókìnì sì lè wà nínú fáìlì ìròyìn tí kò sẹ́ni tó bìkítà láti tì pa. Nígbà tí kò sí bí X ṣe lè mọ̀ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni tókìnì wà, ohun tó kù tó lè ṣe ni kó dín ọjọ́ ayé rẹ̀ kù. Ìṣẹ́jú-àáyá 7200, ìyẹn wákàtí méjì, ló fún un. Ẹni tó bá jí i láago mẹ́wàá kò ní rí nǹkan kan fi ṣe tó bá fi máa di ọ̀sán gangan.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa jí lóru láti fọwọ́ sí i ní wákàtí méjì méjì? Nítorí èyí ni tókìnì kejì ṣe wà, tókìnì ìsọdọ̀tun. Kò lè gbé òwe jáde. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó mọ̀ ni kó gba tókìnì ìwọlé tuntun wá. Ẹnu ọ̀nà kan péré ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí, nígbà tí tókìnì ìwọlé ń rìn kiri pẹ̀lú gbogbo iṣẹ́, nítorí náà ààyè tó lè gbà jò kò pọ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀gbẹ́ni olówe wa ti ṣì í. X kì í fúnni ní tókìnì kejì àyàfi tí ètò bá kọ `offline.access` mọ́ àwọn àṣẹ tó ń tọrọ. Kò kọ ọ́, ẹyọ kan ni wọ́n fún un, ẹyọ náà sì ti kú kó tó sùn. Fífi ọ̀rọ̀ náà kún ètò nìkan kò tó. Olóhun ní láti padà lọ fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn èyí, ohun tí ètò yóò máa rán lọ láràárọ̀ kó tó gbé òwe jáde kò gùn:

```
POST https://api.x.com/2/oauth2/token

grant_type=refresh_token
refresh_token=...
client_id=...
```

Tókìnì ìwọlé tuntun yóò dé, èyí tó máa lo wákàtí méjì mìíràn. Tókìnì ìsọdọ̀tun tuntun yóò tẹ̀ lé e, èyí tó lò tẹ́lẹ̀ sì ti bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni X ń gbà á lọ́wọ́ ẹni. Ó jọ pé ibí yìí ló ń mú àwọn tó ń kọ ètò láàmú jù, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ń mú tókìnì ìwọlé, wọ́n ń gbàgbé èkejì. Àmì rẹ̀ hàn kedere: ètò náà á ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní lẹ́yìn tí olóhun fọwọ́ sí i, á sì kùnà lọ́jọ́ kejì. Tókìnì àná tó ti lò ló tún gbé lọ.

Nítorí náà, kí ètò kọ tókìnì tuntun sílẹ̀ kó tó ṣe ohunkóhun mìíràn, títí kan gbígbé òwe jáde. Bí iná bá sì lọ láàárín ìgbà tó ń kọ fáìlì, ìdajì tókìnì ni yóò kù nílẹ̀. Àwọn tó mọṣẹ́ ń kọ ọ́ sínú fáìlì mìíràn ná, kí wọ́n tó fi rọ́pò ti àtijọ́ lẹ́ẹ̀kan náà:

```
with open("tok.tmp", "w") as f:
    json.dump(tuntun, f)
    f.flush()
    os.fsync(f.fileno())
os.replace("tok.tmp", "tok.json")
```

Èyí tó tún ń dani láàmú ni kí ètò kan náà wà lórí kọ̀ǹpútà ilé àti lórí kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru. Olóhun á dán an wò nílé lálẹ́, ti ilé á sì lo tókìnì ìsọdọ̀tun. Tó bá di àárọ̀, èyí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ á bá òfo.

Nọ́ńbà tí X bá dá padà ló ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Bí 401 bá jáde nígbà tí òwe fẹ́ jáde, tókìnì ìwọlé ló kú, kí ètò sọ ọ́ dọ̀tun kó sì tún un gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹnu ọ̀nà ìsọdọ̀tun fúnra rẹ̀ bá dá 400 padà, tókìnì kejì ló ti lọ, bóyá nítorí pé wọ́n ti lò ó, bóyá nítorí pé olóhun ti gba àṣẹ rẹ̀ padà nínú ètò àkáǹtì. Kò sí ohun tí ètò lè dá ṣe sí i. Kó fi ìsọfúnni ránṣẹ́ sí olóhun kó sì dúró. 403 yàtọ̀: tókìnì wà láàyè, àmọ́ kò ní àṣẹ láti kọ̀wé, bí ìgbà tí `tweet.write` kò sí lára ohun tí wọ́n tọrọ. Ètò tó bá ń sọ tókìnì dọ̀tun nítorí 403 kàn ń yí po lójú kan ni.

Ẹni tó bá gbé irú ètò yìí lọ sórí Instagram kò gbọ́dọ̀ gbé ìlànà X lọ bẹ́ẹ̀. Lọ́hùn-ún, tókìnì ọlọ́jọ́ gígùn ń lo ọjọ́ 60, kò sì ní èkejì. Òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń fi gba tuntun, lẹ́yìn tó bá ti pé wákàtí 24 ó kéré tán, tó sì ṣì wà láàyè. Ètò tó bá dúró de ìgbà tí wọ́n bá kọ̀ ọ́ kó tó sọ tókìnì dọ̀tun ti pẹ́ jù níbẹ̀. Ohun tó bá a mu ni iṣẹ́ kékeré kan tí yóò máa sọ ọ́ dọ̀tun lóṣooṣù, yálà wọ́n gbé nǹkan jáde lóṣù náà tàbí wọn kò gbé e.