Dídí Etí: Ìdí Tí Kọ́tìnbọ́ọ̀dù Àti Àbẹ́là Etí Kò Fi Yẹ Ní Lílò

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í kúrò ní ilé ìwẹ̀ láì ti kọ́tìnbọ́ọ̀dù bọ etí. Àwọn mìíràn a máa lo ìyẹ́ adìyẹ, ìdérí bírò tàbí igi ìṣáná. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà tí ń tọ́jú etí, imú àti ọ̀fun sọ pé àṣà yìí gan-an wà lára ohun tí ó ń mú kí etí dí.

Ohun tí à ń pè ní ìdọ̀tí etí kì í ṣe ìdọ̀tí ní tòótọ́. Ara ni ó ń pèsè rẹ̀ láti dáàbò bo awọ ihò etí lọ́wọ́ omi, eruku àti kòkòrò. Ihò etí àgbàlagbà gùn tó sẹ̀ǹtímítà 2.5, apá ìta rẹ̀ nìkan ni ìdọ̀tí yìí sì ti ń jáde. Awọ ihò náà a máa rìn díẹ̀díẹ̀ láti inú bọ̀ síta, a sì máa gbé ìdọ̀tí náà lọ́wọ́ bọ̀. Nítorí náà, etí tí kò ní àrùn a máa fọ ara rẹ̀.

Kọ́tìnbọ́ọ̀dù ni ó ń dojú ìrìn yìí rú. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó lẹ̀ mọ́ òwú ni ó ń bá a jáde. Ìyókù ni ó ń tì wọ inú, gẹ́gẹ́ bí ọdẹ ti ń ki ẹ̀tù sẹ́nu ìbọn. Ní inú lọ́hùn-ún, nítòsí awọ ìlù etí, kò sí ohun tí yóò tètè gbé e jáde mọ́. Bí ẹnìkan bá sì ṣèèṣì gbá onítọ̀hún lápá, òwú náà lè lu awọ ìlù etí.

Ẹ wo àpẹẹrẹ obìnrin oníṣòwò kan tí ó ti ń lo kọ́tìnbọ́ọ̀dù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí ó fọ irun, etí rẹ̀ ọ̀tún dí lójijì, ohùn ara rẹ̀ sì ń dún nínú orí rẹ̀. Omi ni ó wọlé, tí ìdọ̀tí tí ó ti ki jọ sì wú. Bí ó bá tún mú kọ́tìnbọ́ọ̀dù, yóò kàn tì í wọ inú síi ni.

Ohun tí ó yẹ kí ó ṣe ni kí ó fi ẹ̀gbẹ́ kan dùbúlẹ̀, kí etí tí ó dí wà lókè, kí ó sì kán òróró ólífì ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta sí i. Kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá. Kí ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Etí náà lè tún dí síi fún ìgbà díẹ̀ kí ìdọ̀tí náà tó rọ̀. Ẹni tí etí rẹ̀ ń ṣọyún, tí ó ń dùn ún, tàbí tí awọ ìlù etí rẹ̀ ti lu rí, kò gbọdọ̀ kán ohunkóhun sí i láì kọ́kọ́ rí dókítà.

Bí èyí kò bá ṣiṣẹ́, nọ́ọ̀sì tàbí dókítà yóò fi iná wo inú etí, yóò sì fi omi fọ̀ ọ́. Omi náà gbọ́dọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ènìyàn, nítorí omi tútù tàbí gbígbóná a máa fa òòyì. A ó fa etí àgbàlagbà sókè àti sẹ́yìn kí ihò náà lè tọ́. Ògiri ihò ni a ń darí omi sí, kì í ṣe awọ ìlù etí. Fún ẹni tí awọ ìlù etí rẹ̀ lu, ẹ̀rọ tí ń fa ìdọ̀tí tàbí irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni dókítà yóò lò.

Àbẹ́là etí, èyí tí àwọn kan ń polówó gẹ́gẹ́ bí ìtọ́jú ìbílẹ̀, kò wúlò rárá. Wọ́n ní bí a bá tan iná sí i, yóò fa ìdọ̀tí jáde. Àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà dán an wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1996: àbẹ́là náà kò fa ohunkóhun, kò sì yọ ìdọ̀tí kankan. Ìda àbẹ́là fúnra rẹ̀ ni ó kán sínú etí àwọn kan. Ohun aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ń fi han oníbàárà nínú ìdí àbẹ́là, ìda tí ó jóná ni. Ní ọdún 2010, àjọ tí ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún àwọn tí ń ṣe é, nítorí iná ti jó àwọn ènìyàn.

Ewu kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Kì í ṣe gbogbo etí tí ó dí ni ìdọ̀tí dí. Bí etí kan kò bá gbọ́ràn mọ́ lójijì, láàárín wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ mẹ́ta, ó lè jẹ́ pé iṣan tí ń gbé ohùn lọ sí ọpọlọ ni ó ní ìṣòro. Ọjọ́ mélòó kan péré ni ìtọ́jú rẹ̀ fi máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹni tí ó bá ń fi òróró kan etí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè pàdánù rẹ̀ pátápátá, nígbà tí ó jẹ́ pé wíwo inú etí fún ìṣẹ́jú kan péré ni ì bá fi hàn pé kò sí ìdọ̀tí níbẹ̀.