Ṣé Kí Kọ̀ǹpútà Máa Béèrè Ni, àbí Kó Dúró De Ìròyìn?

Ká mú un pé ẹnì kan ní Jọ́gà-Orílé, ní Àríwá Yewa, ń ta gààrí àti ẹ̀lùbọ́ fún àwọn ará Èkó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Oníbàárà kan ní Agége fi ₦18,500 ránṣẹ́ láti báńkì rẹ̀, ó pa fóònù, ó lọ sùn. Owó náà ti wọlé sọ́dọ̀ Paystack, ilé iṣẹ́ ìsanwó tí Ṣọlá Akínládé àti Ezra Olúbí dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2015, tí Stripe ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì rà ní 2020. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù Jọ́gà kò tíì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni sanwó. Báwo ni yóò ṣe gbọ́, kí wọ́n lè di àpò gààrí náà sínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìlaró láàárọ̀?

Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹni tó ń retí ẹrù lè máa lọ sí gáréèjì ní wákàtí-wákàtí láti béèrè bóyá mọ́tò ti dé. Ó sì lè fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n pè é. Nínú ọ̀nà kìíní, kọ̀ǹpútà olójà ló ń kan ilẹ̀kùn éépíáì, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí Paystack ṣí sílẹ̀ fún àwọn ètò kọ̀ǹpútà láti wá béèrè ọ̀rọ̀. Èkejì ni wọ́n ń pè ní wẹ́bíhúùkù: olójà fi àdírẹ́sì kan sílẹ̀, Paystack fúnra rẹ̀ á sì ju ìsọfúnni síbẹ̀ bí owó bá ti wọlé.

Bí kọ̀ǹpútà bá ń béèrè ní ìṣẹ́jú àáyá 30-30, ìgbà 2,880 ló máa béèrè lóòjọ́. Bí àwọn tó rajà lọ́jọ́ náà bá jẹ́ 12, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ìdáhùn yẹn ni yóò máa wí pé kò sí nǹkan tuntun. Ká ní kílóbáìtì 3 ni ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, dátà tó lé ní mẹ́gábáìtì 8 ti lọ lójúmọ́. Kì í ṣe owó tó ń pa ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń béèrè léraléra ju bó ṣe yẹ lọ lè rí ìdáhùn 429, tí ó túmọ̀ sí pé kó rọra. Bó bá sì dín ìbéèrè kù sí ìṣẹ́jú márùn-ún-márùn-ún, ìbéèrè 288 péré ni lóòjọ́, ìròyìn sì máa pẹ́ tó ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ ní ìdajì àwọn ìgbà, kò sì ní ju márùn-ún lọ. Gààrí kì í bàjẹ́ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.

Wẹ́bíhúùkù yára ju èyí lọ. Ohun tó máa ń gbé wá rí báyìí, bí a bá gé e kúrú:

```
{
  "event": "charge.success",
  "data": {
    "reference": "JOGA-0417",
    "amount": 1850000,
    "currency": "NGN"
  }
}
```

Kọ́bọ̀ ni wọ́n fi ń ka owó níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ₦18,500 fi di 1850000. Ẹni tí kò bá mọ èyí á rò pé oníbàárà kan san owó tó lé ní mílíọ̀nù kan náírà fún àpò gààrí.

Ìṣòro tó kọ́kọ́ dojú kọ ará Jọ́gà ni pé àdírẹ́sì tó fi sílẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí gbogbo ayé lè dé. Kọ̀ǹpútà tó ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì láti ara módẹ́ẹ̀mù tàbí fóònù kì í sábà ní irú rẹ̀, nítorí ilé iṣẹ́ tẹlifóònù máa ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì kan ṣoṣo. Ó lè jáde lọ béèrè ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lóde kò lè wọlé tọ̀ ọ́ wá. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ gba wẹ́bíhúùkù máa ní láti háyà sáfà níbòmíràn, èyí tí kì í kú nígbà tí iná bá lọ ní Yewa.

Ìṣòro kejì ni ayédèrú. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ àdírẹ́sì náà lè kọ irọ́ síbẹ̀ pé òun ti sanwó. Paystack ń fi àmì kan sórí ìsọfúnni rẹ̀, nínú `x-paystack-signature`, èyí tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí olójà àti ọ̀nà HMAC SHA512 ṣírò láti inú ọ̀rọ̀ náà gan-an. Olójà á tún ìṣirò kan náà ṣe. Bí èsì méjèèjì kò bá dọ́gba, kó dà á nù. Ọ̀rọ̀ náà ni kó fi ṣírò gẹ́gẹ́ bó ṣe dé, torí bí ètò rẹ̀ bá tú u palẹ̀ kó tó ṣírò, bí àlàfo kan bá yí padà lásán, ojúlówó á jọ ayédèrú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù ni ọjọ́ tí olùgbà bá kú. Ká ní sáfà náà dákú ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tí ará Agége sì san owó ní 6:20. Paystack kì í juwọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: bí kò bá gba ìdáhùn 200, ó máa ń tún un gbìyànjú ní ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta títí yóò fi di ẹ̀ẹ̀mẹrin, lẹ́yìn náà ní wákàtí-wákàtí fún wákàtí 72. Nítorí náà yóò kàn án ní 6:20, 6:23, 6:26 àti 6:29, kó tó wá di 7:29 àti 8:29. Sáfà jí ní 9:05. Ìròyìn kò ní dé títí di 9:29. Ìṣẹ́jú 24 gbáko ni sáfà fi wà láàyè tí kò mọ̀ pé owó ti wọlé.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ní 9:05 ì bá ti yanjú rẹ̀:

```
GET https://api.paystack.co/transaction?status=success&perPage=50
```

Èyí ló jẹ́ kí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa máa lo méjèèjì pọ̀. Wẹ́bíhúùkù ń mú ìròyìn wá kíákíá. Ìbéèrè ń gbá ilẹ̀ tẹ̀ lé e, nígbà tí sáfà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, àti ní ìṣẹ́jú 15-15 lẹ́yìn náà. Ẹni tó bá ń gbá ilẹ̀ báyìí gbọ́dọ̀ padà sẹ́yìn díẹ̀ kọjá ibi tó dé kẹ́yìn, nítorí ẹni tó ṣí ojú ewé ìsanwó ní aago márùn-ún lè má fi owó ránṣẹ́ títí di aago mẹ́fà. Ní Oṣù Kẹta 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun tó gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wá sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà já nítòsí Àbíjàn, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó fara gbá a. Bí irú ìdádúró bẹ́ẹ̀ bá kọjá wákàtí 72 fún olójà kan, wẹ́bíhúùkù ti parí ìgbìyànjú rẹ̀ nìyẹn. Gbígbá ilẹ̀ nìkan ló kù.

Àmọ́ ẹni tó bá lo méjèèjì máa gbọ́ ìròyìn kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìbéèrè á rí JOGA-0417 ní 9:05, wẹ́bíhúùkù á sì tún mú un dé ní 9:29. Bí ètò náà bá ń kọ àkọsílẹ̀ tuntun nígbàkúùgbà tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀, àpò gààrí méjì ni wọ́n máa dì fún owó àpò kan. Ohun tó ń dènà èyí ni kí `reference` jẹ́ ohun tí kò lè wọ inú ìwé ọjà lẹ́ẹ̀mejì: kí ètò kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ti wà níbẹ̀, kó tó fọwọ́ kan ẹrù.

Fún olójà Jọ́gà tó ń ta nǹkan bí àpò 12 lóòjọ́, ìmọ̀ràn tó tọ́ ni pé kó má háyà sáfà kankan. Kí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù máa béèrè ní ìṣẹ́jú márùn-ún-márùn-ún, kó sì béèrè lọ́gán bí iná bá ti dé. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ta ríchájì fóònù, tí oníbàárà rẹ̀ ń retí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, yàtọ̀: òun ló nílò wẹ́bíhúùkù, kó sì fi gbígbá ilẹ̀ tì í lẹ́yìn. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa kọ iye ìsanwó tí gbígbá ilẹ̀ rí tí wẹ́bíhúùkù kò mú wá. Bí iye náà bá ń wà ní òdo lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, tó wá di mẹ́ta tàbí mẹ́rin lójijì, olùgbà rẹ̀ ti ń ṣàìsàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí oníbàárà tó tíì pariwo.