Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Bí gíráàfù ọjọ́ mélòó kan ṣe ń tú àṣírí mẹ́mórì tó ń jò

Mẹ́mórì tó ń jò ni èyí tí ètò kọ̀ǹpútà gbà, tí kò lò mọ́, síbẹ̀ tí kò dá a padà. Orúkọ náà lè ṣini lọ́nà: ìkòkò tó ń jò a máa gbẹ, ṣùgbọ́n ìlà gíráàfù mẹ́mórì tí ètò ń lò ń gòkè ni, bíi gbèsè ẹni tó ń yá abọ́ aládùúgbò láìdá a padà.

Ọjọ́ kan kò tó láti mọ̀ ọ́n. Ká ní sáfà ṣọ́ọ̀bù kan wà ní Ìlaròó, tí òwò máa ń ya wọlé lọ́sàn-án, tí òru sì máa ń dákẹ́. Ìlà á gòkè lọ́sàn-án, á sì wálẹ̀ lóru. Ìsàlẹ̀ yẹn, ní agogo mẹ́ta òru, ni kí a fi ojú sí. Lórí Línọ́ọ̀sì, àṣẹ yìí ń fi iye mẹ́mórì tí ètò náà ń lò hàn ní kílóbáìtì. 2114 ni nọ́ńbà ètò náà:

```
ps -o rss= -p 2114
```

Bí ó bá jẹ́ mẹ́gábáìtì 210 ní ọjọ́ Ajé, 248 ní Ìṣẹ́gun, 287 ní Ọjọ́rú, 325 ní Ọjọ́bọ̀, ó ṣeé ṣe kó máa jò. Ohun tí ètò mọ̀ọ́mọ̀ tọ́jú fún ìlò kíákíá náà máa ń gòkè, àmọ́ ó sábà máa ń dúró níbì kan. Bí ìlà bá dúró lọ́jọ́ Àìkú tí ṣọ́ọ̀bù tì, ìbéèrè oníbàárà ló ṣeé ṣe kó ń fà á. Bí kò bá dúró, kí a wo iṣẹ́ tí ètò ń ṣe fúnra rẹ̀.

Iná tó ń lọ lójoojúmọ́ lè bo gbogbo èyí mọ́lẹ̀, torí ètò tó tún bẹ̀rẹ̀ á padà sí iye tó fi bẹ̀rẹ̀. Gíráàfù kò sì lè sọ ìlà kóòdù tó jẹ̀bi.